Ìgò wo ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń fi sírínjì gba ẹ̀jẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èsì kan jáde lórí ẹ̀rọ wa ní láàbù: potásíọ̀mù 7.9 mmol/L. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe eré. Bíi 3.5 sí 5.0 ló yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà. Tó bá ti kọjá 6.5, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, ó sì lè dákẹ́. Mo gbé fóònù, mo pe wọ́ọ̀dù. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí dókítà fi ń sọ pé kí wọ́n gbé ínsúlínì àti gúlúkóòsì wá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Àwọn nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ èsì kan náà ló jẹ́ kí n dá a dúró. Kálísíọ̀mù jẹ́ 1.1, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 2.2 ó kéré tán. ALP, ẹ́nsáìmù kan tó ń ti inú ẹ̀dọ̀ àti egungun wá, jẹ́ 14, bẹ́ẹ̀ agbára káká la fi ń rí àgbàlagbà tí tirẹ̀ kéré tó ìyẹn. Kiriatínì tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sì wà ní ipò tó yẹ. Mo gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo wò ó dáadáa: omi tó léfòó lórí ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ kedere, ó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, kò pọ́n rárá.

Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, ìyá tó ni ẹ̀jẹ̀ náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ, ó sì ń bi wá bóyá àwọn dókítà á jẹ́ kóun lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kálísíọ̀mù rẹ̀ bá jẹ́ 1.1 lóòótọ́, iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa fà gan-an. Mo bi nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ náà pé, “Sísítà, ẹ má bínú, báwo lẹ ṣe pín in sínú ìgò?” Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ò fẹ́ wá mọ́ nígbà tó kù díẹ̀. Ti aláwọ̀ ewé ò kún, mo bá bù díẹ̀ sí i látinú ti EDTA tó pọ̀ jù.”

Kò purọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn ní apá kejì, a gbé e lọ sí láàbù kíákíá. Potásíọ̀mù jẹ́ 4.2, kálísíọ̀mù jẹ́ 2.3, ALP jẹ́ 76. Kò sóhun tó ṣe ìyá. Tí wọ́n bá ti fún un ní ínsúlínì yẹn, potásíọ̀mù tó wà ní ipò tó dára ni wọn ì bá fà wálẹ̀, ṣúgà rẹ̀ náà ì bá sì lè já wálẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan

Àwọn kan rò pé ìgò ṣófo ni, pé àwọ̀ ìdérí ló kàn yàtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìgò elésè àlùkò dáadáa, ẹ ó rí bí ìyẹ̀fun tàbí bí ìrì tó fọ́n sára ògiri rẹ̀. EDTA nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ kò lè dì láìsí kálísíọ̀mù. Nítorí náà, ọ̀nà tó rọrùn jù láti má ṣe jẹ́ kó dì ni kí a gba kálísíọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́míkà mẹ́ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: sítíréètì inú ìgò búlúù, EDTA inú ìgò elésè àlùkò, àti ọ́sáléètì inú ìgò aláwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba. Sítíréètì rọra di kálísíọ̀mù mú ni, a sì lè dá kálísíọ̀mù padà sínú ẹ̀jẹ̀ náà ní láàbù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ òun la fi ń yẹ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì wò. EDTA ní tirẹ̀ kì í fi ohun tó bá dì mú sílẹ̀. Kì í ṣe kálísíọ̀mù nìkan ló ń mú, ó ń mú máńgínísíọ̀mù àti síńkì pẹ̀lú. ALP kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí síńkì àti máńgínísíọ̀mù. Ìdí tí ALP ìyá yẹn fi wá sílẹ̀ sí 14 nìyẹn: ẹ́nsáìmù náà wà níbẹ̀, wọ́n ti gba irin iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ibi tí potásíọ̀mù ti wá ni pé EDTA inú ìgò wa kì í dá wà, iyọ̀ potásíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ ó rí i lára ìwé ìgò náà: K2EDTA tàbí K3EDTA. Ọ́sáléètì inú ìgò aláwọ̀ eérú náà sábà máa ń jẹ́ iyọ̀ potásíọ̀mù, ti fúlọ́ráìdì tó bá a wà nínú ìgò yẹn sì jẹ́ iyọ̀ sódíọ̀mù. Fúlọ́ráìdì ló ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ dúró kó má jẹ ṣúgà tán kó tó dé láàbù, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò ní in máa ń pàdánù bíi ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ṣúgà rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Hẹ́párìn inú ìgò aláwọ̀ ewé kò bá kálísíọ̀mù jà. Ó ń fún nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dá dídì dúró lágbára ni. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fi ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ wo potásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù láìséwu. Lítíọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, nítorí náà ẹni tó ń lo oògùn lítíọ̀mù, tí dókítà fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀, ẹ má gba tirẹ̀ sínú ìgò yìí. Ìgò pupa àti èyí tó ní àwọ̀ wúrà, tí wọ́n fi ike ṣe, ní ìyẹ̀fun yanrìn kíkúnná tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

Àwọ̀ ìdérí kò dọ́gba láàárín àwọn tó ń ṣe ìgò. Mo ti rí ìgò fúlọ́ráìdì tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ ìyeyè. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ kà.

Báwo ni díẹ̀ ṣe bà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nínú ìgò K2EDTA, nǹkan bíi mílígíráàmù 1.8 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mílílítà ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Potásíọ̀mù tó wà nínú ìyẹn súnmọ́ mílímóòlù 9 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Kì í tètè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, inú omi ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dúró sí, omi yẹn sì jẹ́ bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, nínú omi náà, ohun tí ìgò fi kún potásíọ̀mù tó 15.

Sísítà wa ní mílílítà 3 nínú ìgò aláwọ̀ ewé, ó sì bu mílílítà 1 sí i látinú EDTA. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́rin 15 jẹ́ bíi 3.7. Ẹ fi 3.7 kún 4.2 tí ìyá ní gan-an, 7.9 ni yóò fún yín. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí fún un lórí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Háà, mílílítà kan péré!”

7.9 kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù o. Èyí tó ga tó bẹ́ẹ̀ ń pariwo fúnra rẹ̀, láàbù á sì fura. Ìkán díẹ̀ tó ń fi 0.5 tàbí 0.8 kún un ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹni tó ti ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru láti ọjọ́ mẹ́ta, tí potásíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 2.9, á jáde sí 3.6, wọ́n á sì ní kò sóhun tó ṣe é. Kálísíọ̀mù rẹ̀ á dínkù díẹ̀, ó lè má tíì jáde kúrò níbi tí a ń kà sí dáadáa, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè.

Bí a ṣe ń gbà á

Sírínjì àti abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí òun lọ̀pọ̀ wa ṣì ń lò. Ẹni tó ń lo ìgò tó ń fa ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan náà ni.

*Ìgbésẹ̀ kìíní: ka fọ́ọ̀mù, kí o to ìgò rẹ kó o tó de apá.* Tò wọ́n láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún bí o ṣe máa kún wọn. Ìgò tí wọ́n fi ń wá kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń ṣíwájú, nítorí kò gbọdọ̀ kan ohun tí kò mọ́. Búlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pupa tàbí aláwọ̀ wúrà, lẹ́yìn náà aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà elésè àlùkò, kí aláwọ̀ eérú wá kẹ́yìn. Ohun tí dókítà kò bá béèrè, fò ó, ṣùgbọ́n má yí ipò àwọn tó kù padà.

Tí ẹ bá wò ó, ìdí rẹ̀ hàn. Búlúù ń ṣíwájú pupa kí yanrìn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì má bàa kán sínú ìgò tí a fẹ́ fi wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Pupa àti ewé ń ṣíwájú àlùkò kí potásíọ̀mù EDTA má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn. Eérú kẹ́yìn nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń ba tiwọn jẹ́ jù: potásíọ̀mù àti sódíọ̀mù á lọ sókè, kálísíọ̀mù á lọ sílẹ̀, fúlọ́ráìdì sì ń pa ọ̀pọ̀ ẹ́nsáìmù.

*Ìgbésẹ̀ kejì: ṣírò ẹ̀jẹ̀ tí o nílò.* Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe sísítà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgò ewé fẹ́ mílílítà 4, àlùkò fẹ́ 2, eérú fẹ́ 2. Mílílítà 8 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sírínjì mílílítà 5 ló mú lọ. Mú èyí tó gba 10.

*Ìgbésẹ̀ kẹta: de apá, fà á.* Má jẹ́ kí rọ́bà náà pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ lápá. Má sọ fún aláìsàn pé kó máa ká ọwọ́ kó máa nà án léraléra, ìyẹn nìkan lè gbé potásíọ̀mù sókè. Rọra fà á. Tí o bá fi ipá fa sírínjì, sẹ́ẹ̀lì á fọ́, potásíọ̀mù inú wọn á sì tú jáde.

*Ìgbésẹ̀ kẹrin: pín in kíákíá, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́.* Ẹ̀jẹ̀ inú sírínjì kò ní kẹ́míkà kankan, ó ti ń múra láti dì nìyẹn, má gbé e sílẹ̀ lọ wá gègé. Tó bá jẹ́ ìgò tí ìdérí rẹ̀ ṣeé ṣí, ju abẹ́rẹ́ sínú àpótí abẹ́rẹ́ ná, má dé e padà. Ṣí ìgò àkọ́kọ́, jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rọra ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀. Ẹnu sírínjì kò gbọdọ̀ kan ìgò, kò gbọdọ̀ kan ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni kẹ́míkà ti ń gun sírínjì lọ sínú ìgò tó kàn. Dé ìgò yẹn pẹ̀lú ìdérí tirẹ̀ kó o tó ṣí òmíràn. Ìdérí tó bá ṣìnà ń gbé kẹ́míkà ìgò kan lọ sínú òmíràn, mo sì ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Tó bá jẹ́ ìgò onírọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò sí ohun èlò tí wọ́n ṣe fún pínpín, tẹ ìgò náà bọ inú pákó rẹ̀ kó dúró, fi ọwọ́ kan ṣoṣo gún ìdérí láti òkè. Má fi ọwọ́ kejì di ìgò mú, abẹ́rẹ́ lè gún ọ. Má tẹ sírínjì. Ìgò á fa ohun tó fẹ́, á sì dúró fúnra rẹ̀.

*Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kún un dé ibi ìlà.* Ìgò búlúù kì í gba àwáwí lórí èyí. Ìdá mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀ sí ìdá kan sítíréètì ni: mílílítà 2.7 ẹ̀jẹ̀ sí 0.3 sítíréètì. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kéré, sítíréètì tó ṣẹ́kù á máa mú kálísíọ̀mù tí láàbù dá padà sí i, ẹ̀jẹ̀ á pẹ́ kó tó dì, wọ́n á sì sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ dá pé kò yẹ fún iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, bá ju 55 lọ, omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, sítíréètì á sì pọ̀ jù fún un bí ìgò tilẹ̀ kún. Pe láàbù kí wọ́n ṣe ìgò tirẹ̀. Nínú ìgò àlùkò, tí ẹ̀jẹ̀ bá kéré jù, EDTA tó pọ̀ á mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa sunkì, PCV tí a fi ẹ̀rọ yí á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

*Ìgbésẹ̀ kẹfà: yí ìgò.* Yí i sódì, kó o dá a padà sípò, ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Búlúù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Pupa tó ní yanrìn, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ewé, àlùkò àti eérú, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Má gbọ̀n ọ́n bí ìgò oògùn ikọ́. Bí ẹnì kan bá wà nítòsí, kó máa yí èyí tó ti kún bí o ti ń kún èyí tó kàn. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ aláìsàn sára ìgò níwájú rẹ̀ gan-an, kó o tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó

Má bu látinú ìgò kan sí òmíràn láé, ì báà jẹ́ ìgò tó jọ ara wọn. Fi ohun tí o rí kún èyí tí dókítà nílò jù, kó o sì pe láàbù. Mílílítà 1 tó mọ́ nínú ìgò ewé sàn fún wa ju mílílítà 4 tí EDTA ti wọ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló sì lè fi ìyẹn ṣe potásíọ̀mù. Tí o bá ti ṣe é tán kó o tó rántí, kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù tàbí kó o pè wá. A ó kàn ní kí o gbà á padà ni.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ní láàbù

Potásíọ̀mù tó bá ga, ohun mẹ́ta la ń wò. Tí omi orí ẹ̀jẹ̀ bá pọ́n, sẹ́ẹ̀lì ló fọ́, kálísíọ̀mù kì í sì já wálẹ̀ nínú ìyẹn. Tí kiriatínì àti yúríà bá ga pẹ̀lú, ó lè jẹ́ kíndìnrín lóòótọ́, ẹ má sì fi àkókò ṣòfò. Tí omi bá mọ́, tí kíndìnrín dára, tí kálísíọ̀mù àti ALP wá já wálẹ̀ papọ̀, EDTA ni. Nígbà tí dókítà kò bá béèrè kálísíọ̀mù, mo máa ń fi ìkán díẹ̀ tó ṣẹ́kù wò ó kí n tó fi èsì potásíọ̀mù gíga sílẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdodo yìí pẹ̀lú: pẹ̀lú ìgò tó ń fa ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, tí apá aláìsàn wà nísàlẹ̀, tí ìgò ń kún láti ìsàlẹ̀ sókè, ohun tó ń kọjá látinú ìgò kan sí òmíràn kéré gan-an, èsì sì lè dára bí ìtòlẹ́sẹẹsẹ tilẹ̀ yí. Sírínjì, ìdérí tí a ń ṣí, àti bíbù látinú èyí sí ìyẹn ló ń fa ọ̀pọ̀ wàhálà tí mo ti rí. Ohun tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹni tó ń fi sírínjì gba ẹ̀jẹ̀ ogún aláìsàn láàárọ̀ kò lè mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣìṣe nínú wọn.

Fún ọmọ ìkókó tí a gún ní gìgísẹ̀, tàbí ẹni tí a gún ní ìka, ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà yí padà. EDTA ló ń ṣíwájú níbẹ̀, èyí tó fẹ́ dì ló ń kẹ́yìn, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láti ojú ọgbẹ́ ń yára ṣù pọ̀, kíkà sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á sì bàjẹ́ kí ìkán karùn-ún tó jáde.